Kòkòrò odò, oko òwú àti ọdún mẹ́ta: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lórí ìwé tí a fi ń wá owó ìwádìí ní Ṣábẹ̀

Láti ìgbà tí a ti kọ ìwé tí a fi ń wá owó ìwádìí yìí, tí a sì ti fún àwọn ènìyàn kà, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àwọn tó ń béèrè, àgbẹ̀ olówùú wà níbẹ̀, àwọn ará mẹ́rì tó ń ṣàkóso ìlú náà wà níbẹ̀. Mo kó èyí tó ń padà wá jù jọ síbí. Apá méjì péré nínú ìwé náà ni ìdáhùn wọ̀nyí dá lé: ohun tí a ń lépa, àti ìdí tí a fi sọ pé ó yẹ kí wọ́n fún wa lówó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣubú.

Kí gan-an ni ẹ fẹ́ mọ̀?

Bóyá oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú ń pa àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú àwọn odò kékeré tó ń ṣàn sínú odò Wẹ̀mẹ̀ àti Ọkpara ní agbègbè Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kọjá ohun tí ìkún omi fúnra rẹ̀ lè pa. Ìbéèrè wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo gbólóhùn "kọjá ohun tí ìkún omi lè pa" yẹn dáadáa, nítorí òun ló gbé gbogbo ìwé náà dúró. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà máa ń kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ "ṣe ìwádìí àwọn kòkòrò odò agbègbè báyìí, kí àwọn sì mọ bí ìbàjẹ́ omi ṣe pọ̀ tó." Kò sí bí irú àfojúsùn bẹ́ẹ̀ ṣe lè kùnà. Ẹni tó bá ti mú àwọ̀n wọ odò lẹ́ẹ̀kan ti ṣe ìwádìí nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò mọ èyí, ó sì máa ń bi ara rẹ̀ pé: kí ni wọ́n lè rí níbẹ̀ tí yóò mú kí wọ́n gbà pé àbá àwọn kì í ṣe òótọ́? Bí kò bá rí ìdáhùn, á fi ìwé náà sápá kan.

Nítorí náà, mẹ́ta ni àfojúsùn wa, wọ́n sì so mọ́ ara wọn. Èkíní ni kí a mọ irú ẹ̀dá tó yẹ kó wà nínú odò kékeré wa nígbà tí kò sí òwú nítòsí, ní àsìkò kọ̀ọ̀kan tí a bá wọ odò. Èkejì ni kí a wò ó bóyá àwọn ẹ̀dá tí oògùn tètè ń pa ń dín kù nínú odò ẹ̀bá oko òwú ju bí wọ́n ṣe ń dín kù nínú odò tí kò sí òwú lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí a mú máàkì tí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ti ṣe láti fi mọ bí odò ṣe mọ́ tó, kí a tún un ṣe bó ṣe bá odò tiwa mu, kí òṣìṣẹ́ mẹ́rì lè lò ó láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Bí èkíní bá kùnà, èkejì ò ní ohun tí yóò fi wéra. Bí èkejì bá sì jáde pé rárá, èkíní àti ẹ̀kẹta ṣì wúlò. A kọ ìyẹn sínú ìwé náà kedere.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn bu omi sínú ìgò, kí ẹ gbé e lọ sí láábù?

Àwọn ará mẹ́rì ló máa ń béèrè èyí jù, ìbéèrè gidi sì ni. Oògùn tó wọ́pọ̀ lóko òwú báyìí, ìyẹn ìdílé tí wọ́n ń pè ní pirẹtirọ́ìdì, kì í pẹ́ nínú omi. Òjò ńlá á gbá a láti oko wá sínú odò, á pọ̀ níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà á lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ àti ewé tó ti rà. Ẹni tó bá dé ní ọjọ́ kẹta, tó bu omi, ó ṣeé ṣe kó má rí nǹkan kan nínú rẹ̀, kó sì wá kọ ọ́ pé odò náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Èyí tó kéré gan-an nínú oògùn yìí ló ń pa wọ́n. Ìwọ̀n tó ń pa ọmọ kòkòrò odò lè kéré débi pé ẹ̀rọ tí a ní nítòsí ò ní rí i, àyẹ̀wò tó sì lè rí i wọ́n gan-an. Ẹ̀dá inú odò ní tirẹ̀ kò lọ sílé nígbà tí òjò dá. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn oṣù, ló fi ń gbé inú omi kó tó hù ìyẹ́. Ohunkóhun tó bá kọjá lọ lóru tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ ló kọjá.

A ò sọ pé a ò ní wọn omi o. A ó wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi, ooru rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe dọ̀tí tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ó máa wọn ọ́síjìn, nítorí pé àfẹ̀mọ́jú ló máa ń kéré jù. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ń ràn, tí ewé inú omi sì ń tú ọ́síjìn jáde, á rò pé kò síṣòro kankan.

Irú ẹ̀dá wo lẹ ń sọ gan-an? Ṣé ẹja ni?

Kì í ṣe ẹja. Àwọn tí kò ní egungun ẹ̀yìn ni: ọmọ lámilámi, edé, alákàn, ìgbín odò, eṣúṣú, àwọn ìdin oríṣiríṣi, aràn tó ń gbé inú ẹrẹ̀. Ẹja máa ń sá lọ bí omi bá bàjẹ́, á sì padà wá. Àwọn wọ̀nyí kò lè sá jìnnà.

Bí ẹ bá yí òkúta kan sókè níbi tí omi ti ń sáré, ẹ máa rí ọ̀kan tó pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Orí rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ wà lókè orí, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, àwọn nǹkan bí ewé wẹ́wẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, tí wọ́n ń mì. Ohun tó fi ń mí nìyẹn. Nítorí pé awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ níbẹ̀, oògùn tètè ń wọ̀ ọ́. Tó bá di àgbà, tó hù ìyẹ́, kì í jẹun mọ́, ọjọ́ kan tàbí méjì ló sì ń lò láyé. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ tó kù, inú omi ló ti lò ó.

Ọ̀kan wà tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìrù méjì ló ní, abẹ́ apá rẹ̀ sì ni nǹkan ìmí rẹ̀ wà bí irun abíyá. Ó ṣe pàtàkì kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ òyìnbó, ìdílé rẹ̀ pọ̀ lọ súà, wọ́n sì ń fi iye ìdílé rẹ̀ díwọ̀n bí odò ṣe mọ́ tó. Nínú odò tiwa níhìn-ín, ìdílé kan ṣoṣo là ń bá pàdé. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀n ilẹ̀ òyìnbó wá láìtún un ṣe, á máa kọ máàkì burúkú fún odò tí nǹkan kan ò ṣe.

Òwú àti ìkún omi ń dé lásìkò kan náà. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó pa kòkòrò?

Ẹni tó kọ́kọ́ bi wá léyìí, mo kí i. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n máa ń gbin òwú nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní bí oṣù kẹfà sí ìkeje. Ìlànà tí àwọn olówùú ń tẹ̀ lé láti ìgbà pípẹ́ ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn ní bí oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn tí òwú hù, kí wọ́n sì máa fín in ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tó bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìyẹn bọ́ sí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Àkókò yẹn náà ni Wẹ̀mẹ̀ máa ń kún jù, tí omi àwọn odò kékeré máa ń ru, tí yóò gbá iyanrìn, ewé àti gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ lọ. Kòkòrò odò máa ń dín kù nígbà yẹn bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó fín nǹkan kan. Ẹni tó bá wọ odò ẹ̀bá oko òwú ní oṣù keje, tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án, tó rí i pé kòkòrò ti dín kù, tó sì sọ pé oògùn ni, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó fi odò wé odò. Odò méjì tí òjò kan náà ń rọ̀ sí, tí wọ́n jọ ń kún, tí wọ́n jọ ń gbẹ, ọ̀kan wà lẹ́bàá òwú, èkejì kò sí. Ká ní odò tí kò sí lẹ́bàá òwú ní ìdílé méje nínú àwọn tí oògùn tètè ń pa ní oṣù keje, tó sì ku mẹ́rin ní oṣù kẹsàn-án. Mẹ́ta lọ, ìkún omi ló kó o. Ká ní odò ẹ̀bá òwú náà bẹ̀rẹ̀ ní méje, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló kù. Mẹ́fà lọ. A ó yọ mẹ́ta tí ìkún omi jẹ kúrò nínú mẹ́fà, mẹ́ta tó kù ló yẹ kí á wá ẹni tó jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ṣì kù. Oko òwú kì í ṣe oògùn nìkan. Wọ́n ti gé igi etí odò, oòrùn ń gún omi, ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ń ṣàn lọ sínú odò, ajílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí a bá fi odò ẹ̀bá òwú wé odò inú igbó, oko ni a fi wé igbó, a ò tíì fi òwú wé nǹkan kan. Ìdí nìyí tí odò ìfiwéra wa fi jẹ́ èyí tó gba àárín oko iṣu, àgbàdo àti kaṣú kọjá, níbi tí wọ́n ti kọ ilẹ̀ bákan náà tí wọn kì í sì í fín apakòkòrò bí ti òwú. Ó ṣòro láti rí irú odò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló gba àkókò jù nígbà tí a ń múra ìwé náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí ìfiwéra bá ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìṣirò tó lè tọ́ ọ lẹ́yìn náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún mẹ́ta? Ọdún kan ò tó ni?

Ọdún kan ní àsìkò fífín kan ṣoṣo. Bí òjò ọdún yẹn bá pọ̀ jù, ìkún omi á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ó bá kéré jù, oògùn lè má dé odò rárá, a ó sì sọ pé kò séwu. Ohun tí a bá rí á jẹ́ ìtàn ọdún yẹn nìkan.

Ìdí kejì ló dùn mọ́ mi jù. Àgbẹ̀ wa kì í gbin òwú sórí ilẹ̀ kan títí ayé. Ilẹ̀ tó gbé òwú lọ́dún yìí lè gbé àgbàdo lọ́dún tó ń bọ̀, kí òwú sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì odò. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe fún ara wọn yìí, ó ń ṣe wá láǹfààní tí owó ò lè rà: odò kan náà, ilẹ̀ kan náà, igi etí odò kan náà, lọ́dún òwú àti lọ́dún àgbàdo. Bí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí bá dín kù gan-an lọ́dún òwú, tí wọn ò dín kù tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún àgbàdo, àtakò pé "bóyá iyanrìn ibẹ̀ ló burú" ti kú nìyẹn. Láàárín ọdún méjì, àyípadà lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín mẹ́ta, a lè rí i tó lọ tó tún bọ̀.

Àwọn kan sọ pé ẹ béèrè ọdún márùn-ún. Owó ọdún márùn-ún ṣòro rí gbà, ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé náà ò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ló kéré jù tí ìbéèrè wa gbà.

Ẹ fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Báwo lẹ ṣe ń fún odò ní máàkì?

Máàkì tí a ń lò bí ìpìlẹ̀ ni èyí tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ṣe, SASS5. Ìdílé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, láti 1 títí dé 15. Èyí tó lè gbé inú omi burúkú gba kékeré, èyí tí ìbàjẹ́ díẹ̀ ń pa gba ńlá. A ó ro máàkì gbogbo ìdílé tí a rí pọ̀, a ó sì fi iye ìdílé pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi odò mẹ́ta ṣe é. Àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe odò gidi.

Nínú odò àkọ́kọ́, tó gba oko iṣu kọjá, a rí kòkòrò pẹlẹbẹ tí mo ṣàpèjúwe lókè (13), onírù méjì (12), ìbátan ẹni pẹlẹbẹ tí nǹkan ìmí rẹ̀ là sí méjì (9), kòkòrò wẹ́wẹ́ oníkarahun tó ń rìn lórí òkúta (8), edé (8), ọmọ lámilámi tó ń fi iyanrìn bora (6), ìdin eṣinṣin dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta níbi tí omi ti ń sáré (5), ìgbín gígùn (3), ìdin tín-ín-rín inú ẹrẹ̀ (2) àti aràn (1). Ìdílé mẹ́wàá, 67 ni gbogbo rẹ̀, tí a bá sì pín in, ó jẹ́ 6.7.

Odò kejì gba àárín òwú kọjá. Ìgbín méjì wà níbẹ̀ tí ìdílé wọn yàtọ̀ (3 àti 3), eṣúṣú (3), ìdin ẹrẹ̀ (2), aràn (1), àti kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rìn lójú omi láìrì (5). Ìdílé mẹ́fà, 17, ìyẹn 2.8.

Odò kẹta gba omi gọ́tà ìlú. Aràn wà níbẹ̀ (1), ìdin ẹrẹ̀ pupa (2), ìdin ẹ̀fọn (1), ìdin onírù gígùn tó ń fi ìrù rẹ̀ mí lójú omi (1), ìgbín (3) àti eṣúṣú (3). Mẹ́fà, 11, ìyẹn 1.8.

Ẹni tó bá wo máàkì nìkan á sọ pé odò kejì àti ìkẹta jọ bàjẹ́, kó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀. Nínú omi gọ́tà, ọ́síjìn ló tán. Ìdin ẹrẹ̀ tó kù pupa nítorí pé ó ní irú ohun pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, tó ń bá a di ọ́síjìn díẹ̀ tó bá rí mú. Àwọn mìíràn ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Iye wọn sì máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí oúnjẹ wà, ọ̀tá ò sí. Nínú odò òwú, ọ́síjìn wà dáadáa, omi lè mọ́ kedere débi pé ẹ fẹ́ mu ún. Àwọn kòkòrò àti edé ló lọ, ìgbín, eṣúṣú àti aràn sì wà níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kòkòrò tó ṣẹ́ kù dáadáa, ojú omi ló ń gbé, kò rì sínú rẹ̀. Apakòkòrò ló máa ń fi irú ojú ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀, nítorí kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún, edé sì jẹ́ ìbátan kòkòrò ju bí ìgbín ti jẹ́ lọ.

Nítorí náà, àfojúsùn kẹta wa kì í ṣe máàkì kan ṣoṣo. Méjì ni: ọ̀kan fún bí odò ṣe bàjẹ́ tó, ọ̀kan fún iye àwọn tí apakòkòrò máa ń tètè pa nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì ló mú irú ìwọ̀n kejì yìí jáde fún odò ilẹ̀ Yúróòpù ní 2005, wọ́n pè é ní SPEAR. Odò wa nílò àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Odò mélòó lẹ máa lò? Ṣé kí ẹ kó ìgò púpọ̀ nínú odò kan ò dára jù ni?

Odò méjìlá: mẹ́fà lẹ́bàá òwú, mẹ́fà lẹ́bàá oko mìíràn. A ó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ní oṣù keje kí fífín tó bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án láàárín fífín, àti ní oṣù kọkànlá kí odò tó gbẹ. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìgò 108 nìyẹn.

Nípa apá kejì ìbéèrè yẹn, rárá. Ìgò ogún láti inú odò kan sọ ìtàn odò kan fún yín nígbà ogún. Kò sọ ìtàn odò ogún. Bí a bá kó ìgò ogún nínú odò òwú kan, ogún nínú odò iṣu kan, ìyàtọ̀ tí a bá rí lè jẹ́ ti òwú, ó lè jẹ́ ti òkúta, ó sì lè jẹ́ ti ẹnìkan tó ń fọ mọ́tò lókè odò. Láti 1984 ni àwọn onímọ̀ ti ń kìlọ̀ nípa àṣìṣe yìí, síbẹ̀ àwọn ìwé ṣì ń gbé e wá. Ayẹ̀wéwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò.

Bí a ṣe ń kó o kò le. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mìlímítà ni. Ẹ ó gbé ẹnu àwọ̀n kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ ó dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rú òkúta àti iyanrìn, kí omi gbé ohun tó tú jáde wọlé. Ẹ tún gbọn gbòǹgbò etí omi àti ewé tó kó jọ sínú rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ẹnìkan á rú odò fún ìṣẹ́jú méjì, ẹlòmíràn fún márùn-ún, tàbí kí ẹnìkan fẹ́ràn òkúta, kí ẹlòmíràn fẹ́ràn gbòǹgbò. A ti kọ ìṣẹ́jú fún ibi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹni kan náà ló sì gbọ́dọ̀ wọ odò méjèèjì tí a fẹ́ fi wéra.

Ṣé ẹlòmíràn ò ti ṣe é rí?

Wọ́n ti ṣe ohun tó jọ ọ́, a sì kọ ọ́ síbẹ̀, torí ẹni tó bá sọ pé òun lẹni àkọ́kọ́, wọ́n á fi ìwé já a. Láti 1974 títí di 2002, ètò ńlá kan gbógun ti àrùn ìfọ́jú etí odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orílẹ̀-èdè wa sì wà nínú àwọn méje tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú da oògùn sínú odò láti pa ìdin eṣinṣin dúdú tó ń gbé àrùn náà kiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn onímọ̀ tó ń kó kòkòrò odò yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá oògùn yẹn ń pa àwọn tí kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn àgbàlagbà ní Ṣábẹ̀ ṣì rántí ọkọ̀ òfuurufú náà.

Wọ́n ti fi hàn nígbà yẹn pé kòkòrò odò wa lè sọ ìròyìn oògùn. Àmọ́ oògùn tí wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n dà á, àti ìwọ̀n rẹ̀, ni wọ́n ń ṣọ́, nínú odò ńlá tó ń sáré. Tiwa ni oògùn tí ẹnikẹ́ni ò dà sínú odò ní tààrà, tó ń tọ ọwọ́ òjò wá, sínú odò kékeré tó máa ń gbẹ. A kọ ìyàtọ̀ yìí sínú ìpínrọ̀ kan péré, kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan ńkọ́?

Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé a pẹ́ dé. Kòkòrò odò ilẹ̀ olóoru tètè ń padà. Àwọn tó wà lókè odò á bá omi wálẹ̀, àwọn tó ti hù ìyẹ́ á fò wá yé ẹyin. Bí a bá dé ní oṣù kọkànlá nìkan, odò tí oògùn pa gbogbo rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án lè ti kún padà. Ìdí nìyẹn tí ìgbà kíkó ti àárín fi wà, òun la ò sì gbọdọ̀ pàdánù bí ọ̀nà ti lè burú tó.

A óò tún wá oògùn nínú ẹrẹ̀ odò díẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn nítorí owó. Bí kòkòrò ò bá dín kù, tí oògùn ò sì sí nínú ẹrẹ̀, a lè sọ pé fífín wọn kò dé odò. Bí oògùn bá wà níbẹ̀ tí kòkòrò ò sì dín kù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì yẹ kí àwọn olówùú gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Bàbá mi ń gbin òwú. Ṣé ìwé yín ò ní kó bá a?

Ẹ bá mi kí Bàbá. A kò ní kọ orúkọ olóko kankan sílẹ̀, odò kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà, máàpù tí a ó tẹ̀ jáde ò sì ní fi oko ẹnikẹ́ni hàn. Kí a tó wọ odò ibikíbi, a ó ti rí baálẹ̀ àti mẹ́rì. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín: ní ìletò kékeré tí oko òwú méjì péré wà, àwọn ará ibẹ̀ á mọ̀. Nítorí náà, àwọn àgbẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ sọ àbájáde fún, kí a tó gbé e lọ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a nílò wọn, torí àwọn nìkan ló mọ ọjọ́ tí wọ́n fín àti ohun tí wọ́n fín. Láìsí ìyẹn, ìdajì ìṣirò wa ti ṣòfò.

Ṣé a lè lo máàkì yín ní Àjàṣẹ́?

Nínú ọ̀sà ibẹ̀, rárá. Omi òkun máa ń wọ ibẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á sì lé ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ láìsí ìbàjẹ́ kankan. Odò tó ń ṣàn nìkan ni a ṣe é fún. Ìṣòro kan náà ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ lò ó nínú adágún tó kù sílẹ̀ nígbà tí odò wa bá gbẹ, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kó nǹkan ní oṣù kejì tàbí ìkẹta.

Kí ló gba owó jù? Mo rí i pé àwọ̀n ò wọ́n.

Ìṣàjọ ni. Ìgò kan tó wá láti odò kún fún iyanrìn, ewé tó ti rà àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dá tí púpọ̀ nínú wọn ò ju èékánná ìka lọ. Ẹnìkan á jókòó tì í pẹ̀lú abọ́ funfun àti máíkírósíkópù, á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún fi ìdílé wọn hàn. Ó lè gbà á ní ọjọ́ kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìgò 108 ṣírò rẹ̀. Ìwé tó bá fi owó epo àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ síwájú, tó wá fi owó ìṣàjọ sí ìdí, ìgò máa ń kún ilé rẹ̀ títí owó á fi tán. A fi owó oṣù olùṣàjọ méjì síbẹ̀, a sì sọ ìdí rẹ̀ nínú àlàyé owó.

Ìdílé la ó dúró sí, a ò ní lọ dé orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ kòkòrò odò wa, àgbà rẹ̀ nìkan ló ní orúkọ tó dájú, kò sí ìwé tó lè fi ọmọ hàn ọ́. Ìdílé sì tó fún ìbéèrè wa.

Kí lẹ máa ṣe sí àwọn ìgò náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta?

Wọ́n á wà nínú ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù ní yunifásítì, pẹ̀lú ìwé tó ń sọ odò, ọjọ́ àti ẹni tó kó o. A ti fi owó ọtí tí a ó máa fi kún un sínú ìṣirò, torí ó máa ń fẹ́ lọ, ìgò tó bá gbẹ kò sì wúlò mọ́. Bébà ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ lo pẹ́ńsù, kí ẹ sì fi í sínú ìgò. Ọtí máa ń pa yíǹkì bírò rẹ́, èyí tí ẹ bá sì lẹ̀ mọ́ ìta ìgò á re nígbà tí ẹnìkan bá da ọtí sí i.